Ìdí tí ṣíńṣín fi ń le tàbí tí ó fi ń mu òróró: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àgbádárìgì ni mo wà, ṣíńṣín àgbọn ni mo ń dín tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Fúláwà kílò 1 ni mo ń lò, pẹ̀lú ṣúgà ife 2, bọ́tà ṣíbí ìjẹun 3, ẹyin 4, bẹ́kìn páúdà ṣíbí ìjẹun 2, mo sì ń da mílíìkì àgbọn sí i títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Mo máa ń pò ó gan-an bí ẹni po bùrẹ́dì, mo máa ń gé e, mo sì máa ń dín in lójú ẹsẹ̀. Àkọ́dín máa ń mu òróró títí bébà yóò fi rin. Àwọn tó bá tẹ̀lé e máa ń pọ́n kíákíá, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti le koko. Níbo ni àṣìṣe mi wà? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ọjà á tà o. Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tí ẹ ń lò, nítorí inú ìwọ̀n yẹn gan-an ni mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun kan náà ló ń fa líle àti mímu òróró nínú ṣíńṣín yín, omi sì ni. Bí omi bá pọ̀ nínú fúláwà tí a ń pò, àpòpọ̀ náà yóò máa fà bíi ti bùrẹ́dì, ohun tó bá sì ń fà báyẹn yóò le lẹ́yìn tí a bá dín in tán. Omi yẹn kan náà ni yóò di ooru omi tí yóò sì jáde nígbà tí ṣíńṣín bá wà nínú agbada, òróró ló sì máa ń gba àyè tí ó bá fi sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá mọ iye omi tó wọlé, tí a sì mọ bí yóò ṣe jáde, a ti rí ojútùú sí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí fúláwà fúnra rẹ̀. Àwọn purotéènì kan wà nínú fúláwà àlìkámà tí wọn kì í ṣe nǹkan kan bí fúláwà bá wà ní gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn wọ́n, tí a sì ń fi ọwọ́ tẹ fúláwà náà, wọn yóò so kọ́ra wọn bí okùn tó ń fà. Gúlútẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń pe okùn náà. Òun ló ń jẹ́ kí bùrẹ́dì wú kí ó sì dúró, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbùrẹ́dì fi ń pò ó fún àkókò gígùn. Ṣíńṣín kò fẹ́ ẹ púpọ̀. Èyí tí yóò so ó pọ̀ kí ó má baà fọ́ sínú òróró nìkan ni ó nílò, ohun tó bá ju ìyẹn lọ yóò sọ ọ́ di ohun tí eyín ń bá jà. Ọ̀pọ̀ nínú fúláwà tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n tà láti inú àpò ńlá, ní Agbálátà àti ní àwọn ọjà mìíràn, ni ó jẹ́ fúláwà bùrẹ́dì, èyí tí purotéènì rẹ̀ pọ̀ ju ti fúláwà oníṣẹ́ gbogbo lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè, ẹ sì ka ara àpò náà. Bí ó bá jẹ́ ti bùrẹ́dì nìkan lẹ rí, ẹ ṣì lè lò ó, ṣùgbọ́n kò ní dárí ji yín bí ẹ bá pò ó jù.

Ẹ wá jẹ́ kí a ka omi tó wà nínú ìwọ̀n yín. Ẹyin kan láìsí èèpo máa ń tó gíráàmù 50, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì jẹ́ omi. Ẹyin 4 ti gbé omi tó nǹkan bí gíráàmù 150 wọlé kí ẹ tó fọwọ́ kan mílíìkì àgbọn rárá. Mílíìkì àgbọn náà ńkọ́? Nítorí pé ó funfun tí ó sì ki, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà á sí ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àkọ́fún tí a kò da omi sí púpọ̀ ní ọ̀rá díẹ̀ tó ń ran ṣíńṣín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àfúnkẹ́yìn tí a ti da omi sí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi lásán tó ń ta sánsán. Ohun tó sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni gbólóhùn tí ẹ kọ pé ẹ ń dà á sí i títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Àpòpọ̀ ṣíńṣín kò gbọdọ̀ rọ̀ dáadáa nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó. Ó yẹ kí ó dúró gírí, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé omi kò tó, nítorí pé ìsinmi tí mo fẹ́ ṣàlàyé níwájú ni yóò parí iṣẹ́ náà.

Bọ́tà ṣíbí ìjẹun 3 fún odidi kílò kan fúláwà kéré púpọ̀. Kò lè ju gíráàmù 45 lọ bí ṣíbí náà kò bá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́tà ni pé kí ó yí ẹyọ fúláwà ká kí omi má baà rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ gbogbo purotéènì inú rẹ̀. Níbi tí bọ́tà bá ti dá gúlútẹ́ẹ̀nì dúró, ibẹ̀ ni ṣíńṣín yóò ti ṣẹ́ wẹ́rẹ́ bí eyín bá kàn án, tí yóò sì máa rún wómúwómú lẹ́nu. Gíráàmù 200 ni èmi yóò lò fún kílò kan. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ó fi òróró agbada dí àìtó bọ́tà, torí pé òróró tó wọlé lẹ́yìn tí gúlútẹ́ẹ̀nì ti so kọ́ra kò lè tú u mọ́. Yóò kàn jókòó sínú ihò ni, tí ṣíńṣín yóò le tí yóò sì tún kún fún òróró. Bí ẹ bá sì lọ kọjá gíráàmù 300, òdì kejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ṣíńṣín yóò máa fọ́ sínú agbada, òróró yóò sì máa ru gùdù.

Ṣúgà ife 2 pọ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí gíráàmù 400, gíráàmù 200 sì tó fún ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ṣúgà máa ń yọ́ sínú omi tó wà nínú àpòpọ̀, yóò mú kí ó rọ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí ó bá dé inú òróró, òun ló ń jẹ́ kí ara ṣíńṣín pọ́n kí inú rẹ̀ tó jinná. Bí ó bá tutù, yóò dì, líle rẹ̀ yóò sì kún ti gúlútẹ́ẹ̀nì. Bẹ́kìn páúdà ní tirẹ̀ ń ṣí ihò sínú ṣíńṣín, ihò ni òróró sì ń wá. Ṣíbí tíì 1 tó fún kílò kan bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń rún. Àwọn tó fẹ́ ṣíńṣín rírọ̀ bíi kéèkì ló ń fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n, èyí tí ẹ ń tà sì yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ìwọ̀n tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú nìyí: fúláwà kílò 1, bọ́tà gíráàmù 200, ṣúgà gíráàmù 200, ẹyin 2, mílíìkì àgbọn àkọ́fún mílílítà 180 tí ẹ lè fi kún díẹ̀díẹ̀ títí dé 230, bẹ́kìn páúdà ṣíbí tíì 1, iyọ̀ ṣíbí tíì 1 tí kò kún, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá máa ń fi àgbọn rírin sí i, ẹ fún omi rẹ̀ kúrò dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ó ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, nítorí pé ẹyọ àgbọn máa ń jóná ṣáájú fúláwà, ó sì ń ba òróró jẹ́.

Bí a ṣe ń pò ó ṣe pàtàkì tó ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ jọ fúláwà, kí ẹ po bẹ́kìn páúdà àti iyọ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìka ra bọ́tà tútù mọ́ ọn títí gbogbo rẹ̀ yóò fi rí bíi gààrí tó tutù díẹ̀, tí ẹ bá fún un ní ẹ̀kúnwọ́ tí yóò dì mọ́ra. Ẹ má ṣe kánjú níbí o, torí pé bọ́tà gbọ́dọ̀ dé ara fúláwà kí omi tó dé ibẹ̀. Ẹ wá po ṣúgà, ẹyin àti mílíìkì àgbọn pọ̀ nínú abọ́ mìíràn títí ṣúgà yóò fi yọ́, nítorí ṣúgà tí kò bá yọ́ yóò jóná bí ó bá kan òróró, yóò sì sọ ṣíńṣín di alámì dúdú. Ẹ da èyí sínú fúláwà, kí ẹ fi ọwọ́ kó o jọ. Ní kété tí fúláwà gbígbẹ kò bá sí nínú abọ́ mọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì di ìṣù kan, ẹ dáwọ́ dúró. Ara rẹ̀ kò ní dán, yóò rí ṣákiṣàki díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìsinmi ló kàn, òun sì ni ẹ kò ṣe rárá. Ẹ fi nọ́lọ̀n tàbí aṣọ tútù tí ẹ fún dáadáa bo àpòpọ̀ náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Omi tó wà ní ibì kan ju ibòmíràn lọ yóò rìn ká inú fúláwà, tí àpòpọ̀ tó dà bíi pé omi kò tó yóò fi rọ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi ohunkóhun kún un. Gúlútẹ́ẹ̀nì tó ti le nígbà tí ẹ ń pò ó yóò sì dẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ àpòpọ̀ tí kò tíì sinmi, yóò ta padà kíákíá. Èyí tó ti sinmi yóò jẹ́ kí ojú ìka hàn lára rẹ̀. Ẹ ó tún rí i nígbà tí ẹ bá ń fi igi tàbí ìgò yí i, nítorí èyí tí kò sinmi máa ń sún padà bí ẹ bá ti gbé ìgò kúrò, ibi kan yóò sì ki ju ibòmíràn lọ. Èyí tó ki àti èyí tó fẹ́lẹ́ kò lè jinná pa pọ̀ nínú agbada kan.

Ìsinmi kò fẹ́ àpọ̀jù o. Bí ó bá ju wákàtí kan lọ nínú ooru ilé ìdáná, ṣúgà yóò máa yọ omi, bọ́tà yóò rọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ẹ ó wá máa wọ́n fúláwà sí i kí ó má baà lẹ̀, fúláwà yẹn ni yóò sì jóná ní ìsàlẹ̀ agbada. Bí nǹkan bá dí yín lọ́wọ́, inú fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí.

Ẹ yí i títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ gé e sí igun mẹ́rin kéékèèké tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, kí ẹ sì dà á sínú ajọ̀ kí ẹ gbọn ún kí fúláwà tó wà lára rẹ̀ lè dà nù kí ẹ tó dín in.

A ti dé ìdí agbada. Lítà 3 òróró nínú agbada irin tó nípọn ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí òróró gbóná dé dígírì 175 kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Bí ṣíńṣín tútù bá wọ inú rẹ̀, ooru yóò lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé gbogbo omi inú ṣíńṣín ló ń gba agbára ooru kí ó tó lè jáde. Bí ẹ kò bá dà á jù, ìyẹn bíi gíráàmù 300 sí 400 lẹ́ẹ̀kan, ooru náà yóò dúró ní nǹkan bíi 160 sí 170, ibi tó yẹ kí ó wà gan-an nìyẹn. Níbẹ̀, omi yóò máa fi agbára jáde láti inú ṣíńṣín, bí ó sì ṣe ń tì jáde ni kò ní jẹ́ kí òróró rí àyè wọlé. Ara rẹ̀ yóò gbẹ díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì ní àkókò láti gbẹ pẹ̀lú.

Ó dá mi lójú pé ohun tó ṣe àkọ́dín yín nìyí: òróró kò tíì gbóná tó, ẹ sì da ṣíńṣín púpọ̀ sí i. Ooru lọ sílẹ̀ débi pé omi kò lè fi agbára jáde mọ́, ara ṣíńṣín kò tètè dì, ó sì pẹ́ nínú òróró. Nígbà tí ẹ rí i pé kò pọ́n, ẹ fi iná kún un. Bí ẹ bá kó àkọ́dín kúrò, iná ńlá yẹn ṣì wà lábẹ́ agbada, kò sì sí ohun tútù tó ń gba ooru rẹ̀. Òróró á gun 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èkejì tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí èkejì fi ń pọ́n ní ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ìta rẹ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ ṣì ní omi. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, omi inú yóò rìn bọ̀ wá sí ìta, ìta tó ń rún yóò sì di ohun tó yi, nítorí gúlútẹ́ẹ̀nì àti ṣúgà tó pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò bá a ní líle koko. Ìyípadà iná ló jẹ́ kí àpòpọ̀ kan ṣoṣo fún yín ní àbùkù méjì lọ́jọ́ kan.

Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ wà lára iná, nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ gáàsì, ẹ fi kún un díẹ̀ ní kété tí ṣíńṣín bá wọlé, kí ẹ sì dín in kù bí ẹ bá ti ń kó o jáde. Bí ó bá jẹ́ èédú tàbí igi lẹ ń dá níta, ẹ mọ̀ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣe máa ń fẹ́ iná lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi páànù dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ sì máa fa èédú sẹ́yìn láàárín àdín kan sí èkejì. Tẹmómítà onírin tí wọ́n ń kì bọ òróró ni mo gbà yín níyànjú láti rà, ó sì yẹ ẹni tó ń fi èyí jẹun. Kí ẹ tó rí i rà, ẹyọ ṣíńṣín kan ni kí ẹ fi dán òróró wò. Bí ó bá rì tí ó sì pẹ́ kí ó tó gòkè, tí òróró kò hó yí i ká dáadáa, ẹ dúró. Bí ó bá kan ìsàlẹ̀, tí ó sì gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí òróró ń hó geere yí i ká, ó ti tó. Bí ó bá pọ́n kí ìṣẹ́jú kan tó pé, òróró ti gbóná jù, ẹ gbé agbada kúrò lórí iná fún ìgbà díẹ̀.

Ṣíńṣín tó tó bí mo ṣe sọ máa ń gba bí ìṣẹ́jú 6 sí 8. Ẹ máa rò ó kí ó lè pọ́n yíká, ṣùgbọ́n etí yín ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ju ojú lọ. Níbẹ̀rẹ̀, òróró yóò máa pariwo, yóò sì máa hó kíkankíkan, omi tó ń jáde ni ẹ ń gbọ́. Bí ariwo náà bá ti rọlẹ̀, tí híhó rẹ̀ sì di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ kó o nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí ẹ fẹ́ lọ, nítorí yóò tún pọ́n sí i lẹ́yìn tó bá kúrò nínú agbada.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé púpọ̀ nínú òróró tí ṣíńṣín ń mu ń wọlé lẹ́yìn tí a bá kó o jáde ni. Bí ó bá ti ń tutù, ooru omi tó kù nínú ihò rẹ̀ yóò súnkì, yóò sì fa òróró tó wà lára rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹ gbọn ajọ̀ dáadáa lókè agbada nígbà tó ṣì gbóná janjan, kí ẹ wá tẹ́ ṣíńṣín sórí ajọ̀ tó fẹ̀ tàbí bébà tó mọ́, ní ìtẹ́rẹrẹ, kí ẹ má ṣe kó o jọ bí òkìtì. Ẹ sì ṣọ́ òróró fúnra rẹ̀. Èyí tí a ti dín nǹkan nínú rẹ̀ títí ó fi dúdú, tí ó ń ki, tí ó sì ń ru fófó, máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tí a bá dín ju tuntun lọ, kò sí ìwọ̀n iná tó lè tún un ṣe. Ẹ máa sẹ́ ẹ lẹ́yìn àdín kọ̀ọ̀kan ọjọ́ náà, ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dé ipò yẹn.

Kí ẹ lè mọ ibi tí àbùkù wà lọ́jọ́ iwájú, ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì bí ó bá ti tutù. Bí inú rẹ̀ bá dì gbì láìní ihò, tí ó sì ṣòro láti ṣẹ́, ẹ wo omi, bọ́tà àti pípò. Bí ìta bá pọ́n tí àárín sì tutù tí ó ń fà, iná ló pọ̀ jù. Bí òróró bá ti rin dé àárín, iná ló kéré tàbí bẹ́kìn páúdà ló pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìta nìkan ló ń yọ̀, gbígbọn àti òróró àlòkù ni ẹ ó bi léèrè. Kí ẹ tó yí gbogbo nǹkan padà, ẹ pín àpòpọ̀ tuntun kan sí méjì, kí ẹ dín ìdajì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdajì kejì sinmi fún ìṣẹ́jú 30, lórí iná kan náà. Ẹ tọ́ méjèèjì wò ní ọjọ́ kejì.

Ní ti èyí tí ẹ ti dín sílẹ̀, èyí tí àárín rẹ̀ ṣì ní omi ṣeé tún ṣe. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ofúnùn ní dígírì 130 fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í sí nọ́lọ̀n, nítorí èyí tí a bá dì ní gbígbóná yóò làágùn sínú nọ́lọ̀n, yóò sì tún rọ̀. Èyí tó mu òróró lè dára díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà yìí bí ẹ bá tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dà bí èyí tí a dín dáadáa. Èyí tí gúlútẹ́ẹ̀nì sọ di líle kò ní àtúnṣe, ẹ má ṣe padà dín in, ẹ má sì tà á fún àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.